Ta Ló Ń Fi Ọ̀rọ̀ Pamọ́? Ìdájọ́ Lórí Ìparí Orí Nínú Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò fẹ̀. Ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó máa ń gbẹ̀yìn orí kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ẹni tó bá ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ti sọ fún ara yín pé orí kan péré lẹ máa kà kí ẹ tó sùn. Ó ku díẹ̀ kí orí náà parí, ni ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn lóru, tàbí kí ìbọn dún nínú òkùnkùn, tàbí kí ọkùnrin kan ka lẹ́tà kí ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Orí parí síbẹ̀. Oorun ti lọ nìyẹn, ẹ ti ṣí ojú ìwé kejì. Irú ìparí yìí ni màá máa pè ní ìparí agbọ́kànsókè nínú ọ̀rọ̀ mi.

Ohun tó ń dùn mí ni pé a kì í ṣèdájọ́ irú ìparí yìí dáadáa. Àwọn kan gbà pé tó bá ti lè mú wa ṣí ojú ìwé, ó ti dára nìyẹn. Àwọn mìíràn ń bínú sí gbogbo rẹ̀, wọ́n ní ọgbọ́n àtitajà lásán ni. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Ìparí tó dáa àti ìparí tó ń rẹ́ni jẹ ni wọ́n jọ ń lé oorun lójú ẹni. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ohun tí a máa ń rò nígbà tí a bá ti mọ ìdáhùn. Ọ̀kan á mú wa mi orí pé òǹkọ̀wé yìí gbọ́n. Èkejì á mú wa pòṣé pé ó ti fi wá ṣeré.

Àwìn ni

Bí òǹkọ̀wé bá parí orí sójú ewu, àwìn ló rà lọ́wọ́ wa. Ó gba ìfọkànsìn wa lónìí, ó ṣèlérí pé òun á san án lójú ìwé tó ń bọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú àwìn. Ẹni tó rà á tí kò ní ohun tó máa fi san án ló burú. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ìparí orí. Àkọ́kọ́: ta ló ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ṣé ẹni inú ìtàn ni, àbí òǹkọ̀wé? Ìkejì: kí ni ojú ìwé tó tẹ̀ lé e fi san gbèsè náà? Ìkẹta: bí mo bá ti mọ ìdáhùn, tí mo padà lọ tún ìparí yẹn kà, ṣé òótọ́ ló ṣì jẹ́?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló lágbára jù, nítorí òun ló ń tú àṣírí ìrẹ́jẹ. Bí Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nínú *Àjà Ló Lẹrù* tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1969, kò bá mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwa náà kò gbọdọ̀ mọ̀. Àìmọ̀ tirẹ̀ ni tiwa, ẹ̀rù tirẹ̀ sì ni tiwa. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a wà nínú ọkàn rẹ̀ bá ti rí ojú ẹni náà, tó ti pe orúkọ rẹ̀ nínú ara rẹ̀, tí àwa nìkan kò rí i, a jẹ́ pé kò sí àdììtú kankan nínú ìtàn mọ́. Òǹkọ̀wé kàn fi ọwọ́ bo ojú wa ni.

Ìsọ̀ Làmídì: ìparí mẹ́ta fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn kékeré kan tí mo hun fúnra mi dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Làmídì jẹ́ télọ̀ ní Nkembo, ní Libreville níbí. Ó ti ń kó owó àjọ pamọ́ sínú ìsọ̀ rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ó dé ìsọ̀, ó rí i pé wọ́n ti já àgádágodo. Ó ti ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀. Ibí yìí ni a ti fẹ́ parí orí.

Ìparí kìíní: Làmídì gbọ́ ìró kan lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, nǹkan fò mọ́ ọn láyà, ó figbe ta. Orí parí. Orí tó tẹ̀ lé e ṣí, ológbò ni. Làmídì rẹ́rìn-ín, ó wá yẹ ibi owó wò. Ẹ bi í ní ìbéèrè wa mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ níbẹ̀, Làmídì náà kò mọ̀ pé ológbò ni. Ṣùgbọ́n gbèsè kò ní ohun tí wọ́n fi san án. Ìtàn náà wà níbi tó wà kí ológbò tó fò. Bí a bá yọ ológbò kúrò, kò sí ohun tó yí padà. Àmì tí a fi ń mọ irú ìparí yìí nìyẹn: ó ṣeé yọ dànù.

Ìparí kejì: owó ti lọ, ṣùgbọ́n olè náà gbàgbé ìwé kan sílẹ̀. Làmídì gbé e síbi iná, ó ka orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó jókòó sílẹ̀. Orí parí. Orí kejì gbé wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Orí kẹta gbé wa lọ sílé ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ Làmídì, ó ń rìn ní títì, ó ń ro ti orúkọ yẹn, òǹkọ̀wé ń jẹ́ ká mọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ àyàfi orúkọ ọ̀hún. Ìrẹ́jẹ nìyí. Kò sí ènìyàn tó ń ronú lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí orúkọ kan bá gún lọ́kàn, orúkọ yẹn gan-an ni á máa dún léti rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Òǹkọ̀wé ló ń yọ ọ́ kúrò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìparí kẹta: Làmídì gbé ìwé náà síbi iná. Orúkọ Ṣèyí ni, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀, tó fọwọ́ ara rẹ̀ mú wá sí Libreville. Orí parí. Ẹ kíyè sí i pé a kò fi nǹkan kan pamọ́. A mọ ohun tí Làmídì mọ̀. Síbẹ̀ ọkàn wa wà lókè ju ti ìparí kejì lọ, nítorí ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kì í ṣe "orúkọ ta ni?" mọ́. Ó ti di "kí ni ọkùnrin yìí máa ṣe?" Ṣé á pe ọlọ́pàá sí ọmọ ìyá rẹ̀? Ṣé á fojú fo ó? Kí ni á sọ fún àwọn tó ni owó àjọ? Orúkọ tí òǹkọ̀wé fi tọrẹ fún wa ló bí ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí. Nínú ìparí kejì, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà, ọjọ́ tí a bá sì dáhùn rẹ̀ ló kú.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí a mú kúrò nínú ìtàn Làmídì nìyí: ìparí tó lágbára jù sábà máa ń fún wa ní nǹkan, ìparí tó rọ ló máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ wa.

Ipasẹ̀ ajá kan ní 1901

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e wò nínú ìwé tí gbogbo ayé mọ̀. Ní oṣù kẹjọ 1901, ìwé ìròyìn *The Strand* ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn ajá Baskerville tí Arthur Conan Doyle kọ, ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ lóṣooṣù. Ní orí kejì, Dókítà Mortimer ń ròyìn fún Sherlock Holmes bí Sir Charles Baskerville ṣe kú nínú ọgbà ilé rẹ̀. Ó ti ka ìtàn àtijọ́ nípa ajá burúkú tó ń lé ìdílé náà. Ó ti ka ohun tí ìwé ìròyìn kọ nípa ikú náà. Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ pé òun rí ipasẹ̀ tí ẹlòmíràn kò kíyè sí, nítòsí ibi tí òkú wà. Holmes bi í bóyá ti ọkùnrin ni tàbí ti obìnrin. Dókítà náà rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ti ajá ńlá kan ni. Ibẹ̀ ni orí ti parí.

Òǹkọ̀wé tí kò nígboyà ì bá ti fi ìlà kan ṣáájú ìdáhùn yẹn parí orí náà. Ì bá jẹ́ kí dókítà ṣí ẹnu, kó sì gé e síbẹ̀. Conan Doyle kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ìdáhùn fún wa, ìdáhùn náà ló sì dẹ́rù bà wá. Orí kẹta kò sá lọ síbòmíràn. Yàrá kan náà ni, àwọn ènìyàn kan náà ni, Holmes sì ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ dókítà láìsinmi: kí ló dé tí ẹlòmíràn kò rí ipasẹ̀ náà, báwo ló ṣe jìnnà sí òkú tó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ìwé náà sì parí, a rí i pé ajá wà lóòótọ́, ẹran gidi tí apànìyàn kan ń sìn, tó fi nǹkan tó ń tàn lóru pa lẹ́nu. Ẹ padà lọ tún orí kejì kà, kò sí irọ́ kankan níbẹ̀.

Ìwé yìí kan náà ní ìparí mìíràn tó súnmọ́ ìrẹ́jẹ, ó sì yẹ ká wo bó ṣe bọ́ níbẹ̀. Ní orí kọkànlá, Watson sá pamọ́ sínú ahéré olókùúta kan lórí pápá, ó ń dúró de àjèjì tó ń gbé ibẹ̀. Ó gbọ́ ìró bàtà lórí òkúta. Ó di ìbọn rẹ̀ mú nínú àpò. Òjìji bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ohùn kan sì pè é pé ìrọ̀lẹ́ náà dára. Orí parí. Ojú ìwé kejì, Holmes ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣé ológbò Làmídì kọ́ nìyẹn? Rárá o. Watson kò mọ ẹni tó ń bọ̀ títí ohùn náà fi dún, nítorí náà kò sí ìpamọ́ èrú. Ọ̀rọ̀ àjèjì orí òkè yẹn ti ń dà á láàmú láti orí kẹsàn-án, nítorí náà ìdáhùn ńlá ni Holmes jẹ́. Dídé rẹ̀ sì yí ìtàn padà pátápátá, nítorí níbẹ̀ ló ti sọ fún Watson pé obìnrin tí Stapleton ń pè ní àbúrò rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni. Ewu di ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ náà kó ẹrù wọlé. Ẹ gbìyànjú láti yọ ìparí yẹn kúrò, ìwé á dàrú.

Níbi tí wọ́n ti rẹ́ wa jẹ

Stephen King fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìtàn rẹ̀ *Misery* ní 1987. Annie Wilkes, nọ́ọ̀sì tó ti òǹkọ̀wé kan mọ́lé, rántí sinimá ọlọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́ tó máa ń wò nígbà èwe. Ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n fi hàn pé akọni wà nínú mọ́tò tó já bọ́ láti orí òkè. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n wá fi hàn pé ó ti bẹ́ jáde kí mọ́tò tó já bọ́. Gbogbo ọmọdé ń pàtẹ́wọ́. Annie nìkan ló dìde tó ń pariwo pé irọ́ ni, akọni kò jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin burúkú ni nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ìdájọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí tọ́. Kò béèrè pé kí ìtàn jọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Ohun tó béèrè ni pé kí ọ̀sẹ̀ kejì má pa ọ̀sẹ̀ kìíní rẹ́. Ìbéèrè kẹta wa nìyẹn.

Ti *The Da Vinci Code* tí Dan Brown kọ ní 2003 gba sùúrù díẹ̀. Ìwé náà ní orí tó lé ní ọgọ́rùn-ún, púpọ̀ nínú wọn kò ju ojú ìwé díẹ̀ lọ, ìparí agbọ́kànsókè sì pọ̀ nínú wọn. Mi ò kórìíra ìwé náà. Ó mọ bí a ti ń sáré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ Sophie Neveu. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ó bá nǹkan kan pàdé nílé bàbá rẹ̀ àgbà ní ìgbèríko, láti ọjọ́ yẹn kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Àwa wà nínú ọkàn Sophie. Léraléra ló ń rántí ọjọ́ yẹn, léraléra ni òǹkọ̀wé ń gé ìrántí náà síbi tó ti fẹ́ rí nǹkan ọ̀hún. Ó pẹ́ púpọ̀ nínú ìwé kí a tó gbọ́ pé ààtò ìsìn ìkọ̀kọ̀ kan ni.

Ẹnìkan lè gbèjà rẹ̀ pé ohun tó bà á lọ́kàn jẹ́ ni, kò fẹ́ rántí. Àwíjàre yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó rí ohun burúkú lè ti ilẹ̀kùn ìrántí pa. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn náà bá ń ṣí ní gbogbo ìgbà tí orí bá fẹ́ parí, tó sì ń tì ní ìwọ̀n ìlà kan ṣáájú ìdáhùn, kì í ṣe ọgbẹ́ ọkàn ló ń darí rẹ̀ mọ́. Ibi tí ìwé ń gé sí ló ń darí rẹ̀. Bí a ti ń mọ̀ ọ́n nìyẹn: ẹ wò ó bóyá ẹni inú ìtàn ní ìdí tirẹ̀ láti dákẹ́ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an.

Ẹni tí ìpamọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀

Nítorí ìpamọ́ kan wà tó jẹ́ ẹ̀tọ́. Láti 1929 sí 1930, I. B. Thomas tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, *Akéde Èkó*, ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ó gbé e jáde bí ẹni pé lẹ́tà láti ọwọ́ obìnrin kan tó ti gbádùn ayé, tí àìsàn wá dá dùbúlẹ̀ sí Èkó. Sẹ̀gilọlá ló ń kọ lẹ́tà. Ìtàn ìgbésí ayé tirẹ̀ ni. Bó bá fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ló fi í sílẹ̀: ìtìjú lè mú un ṣe bẹ́ẹ̀, àárẹ̀ lè mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Òǹkàwé tó ń dúró de lẹ́tà kejì ń dúró de ènìyàn kan, ó sì ń bẹ̀rù kí ikú má ṣe ṣáájú lẹ́tà. Ọkàn sókè yẹn kò ní ẹ̀tàn nínú, nítorí ẹni tó ń sọ ìtàn wà níwájú wa, a sì mọ ìdí tó fi lè dákẹ́.

D. O. Fágúnwà tún lọ jìnnà sí i ní 1938. Nínú *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀*, Àkàrà-ògùn ń sọ ìtàn rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìrìnàjò àkọ́kọ́ parí, ọdẹ ti padà délé láàyè, kó tó dìde lọ. Kò gé ìtàn náà sẹ́nu ewu. Síbẹ̀ nígbà tó padà wá, èrò ti pọ̀ sí i. Ìyẹn kọ́ wa pé ọ̀nà mìíràn wà láti mú àwọn ènìyàn padà wá, ìyẹn ni pé kí ohun tí a gbọ́ lónìí tó láti mú wa fẹ́ gbọ́ tọ̀la. Ìwé tó bá fi ìparí agbọ́kànsókè sí gbogbo orí ti gbàgbé ọ̀nà yìí. Lẹ́yìn orí bíi mẹ́wàá, òǹkàwé á ti mọ̀ pé ìbọn tó bá dún ní ìlà ìkẹyìn kò ní bá ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù á sì kúrò lára rẹ̀.

Ìtàn tó wà nítòsí wa

Mo fẹ́ fi òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gabon tiwa níbí parí àpẹẹrẹ mi. Janis Otsiemi, tí wọ́n bí ní Franceville ní 1976, ló sọ àwọn àdúgbò mẹ̀kúnnù Libreville di ibùdó ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ilé ìtẹ̀wé Jigal ní Marseille gbé *La vie est un sale boulot* jáde fún un ní 2009, ó sì gba ẹ̀bùn ìwé ìtàn àròsọ ilẹ̀ Gabon. Chicano ni ọ̀dọ́kùnrin inú rẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́rin lẹ́wọ̀n, ó jáde, ó fẹ́ tún ayé rẹ̀ ṣe, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ sì tún fà á wọ inú ìdigunjalè.

Ohun tó yẹ ká kọ́ lọ́wọ́ Otsiemi ni pé ó ń gbé wa lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀daràn, ó sì ń gbé wa lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Àwa mọ̀ ju ẹgbẹ́ méjèèjì lọ. Nígbà tí orí kan bá parí sọ́dọ̀ Chicano, a kò nílò ìbọn tó dún lójijì, nítorí a ti mọ ohun tí kò mọ̀ nípa àwọn tó ń wá a. Alfred Hitchcock tó ń ṣe sinimá ti ṣàlàyé irú ọgbọ́n yìí fún François Truffaut nínú ìwé tó jáde ní 1966. Bí bọ́ǹbù bá bú lábẹ́ tábìlì láìròtẹ́lẹ̀, ìjayà ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bí òǹwòran bá mọ̀ pé bọ́ǹbù wà níbẹ̀, tí àwọn tó jókòó sídìí tábìlì kò mọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni á fi máa làágùn. Mímọ̀ ló ń gbé ọkàn sókè níbẹ̀.

Ìdájọ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìdájọ́ mi rèé. Ìparí agbọ́kànsókè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó di ẹ̀tàn nígbà tí òǹkọ̀wé nìkan bá ń fi ohun tí akọni ti mọ̀ pamọ́ fún wa, tàbí nígbà tí ojú ìwé kejì bá sọ ewu di òfo, tàbí nígbà tó bá pa ohun tí a ti rí tẹ́lẹ̀ rẹ́. Èyí tó burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ti àkọ́kọ́, nítorí ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é fún wa.

Mo bẹ ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá parí ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, ẹ má kàn gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ mú ìparí orí mẹ́ta nínú rẹ̀, ẹ tún wọn kà báyìí tí ẹ ti mọ ìdáhùn, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ sì ń kọ ìtàn, bí ọwọ́ yín bá fẹ́ gé orí ní ìlà kan ṣáájú ìdáhùn, ẹ kọ ìlà yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ fún wa ní orúkọ, kí ẹ wá jẹ́ ká máa bẹ̀rù ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bí ìtàn yín bá ṣì lè dá wa dúró lẹ́yìn tí a ti mọ̀, a jẹ́ pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí kò bá lè dá wa dúró, àìsàn rẹ̀ kọjá ìparí orí, ẹ padà lọ tún inú rẹ̀ ṣe.